Ìgbà Mẹ́ta Tí Mo Sún Ìpàdé Bàbá Síwájú

Ẹ̀bẹ̀ ni mo ṣe jù ní ọ́fíìsì yẹn. Akọ̀wé ni wọ́n kọ sínú létà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, àmọ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ kiri láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá mi, ayàwòrán ilé tó wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ pé rárá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí i ní aago mẹ́wàá, yóò gbà fún un. Ẹlòmíràn tó bá tún bèèrè aago mẹ́wàá kan náà, yóò gbà fún òun náà. Èmi ni yóò wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti wo èwo nínú wọn la máa já kulẹ̀, kí n sì wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kó bínú.

Jikwoyi ni mò ń gbé nígbà náà, ọ́fíìsì sì wà ní Garki, ní àjà kejì ilé kan tí wọ́n ń ta oògùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo máa ń jáde nílé. Tí mo bá fi máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kọjá, tí a bá fi dé Kugbo níbi tí ọkọ mi ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì, ó ti rẹ̀ mí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà kò lọ déédéé lọ́dún yẹn. Owó oṣù tèmi ni a fi ń jẹun, èmi náà kò sì tíì di òṣìṣẹ́ gidi. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán mi wò. Ọ̀gá ti sọ fún mi lójúkojú pé tí iṣẹ́ ilé ìkàwé Bàbá bá bọ́ sí i fún wa, òun á fún mi ní létà tó máa fìdí mi múlẹ̀, tí kò bá sì bọ́ sí i, òun ò ní agbára láti gbé mi kọjá oṣù kẹfà. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Bàbá yìí, kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé mi ni mò ń sọ.

Ọ̀gá ilé ìwé gíga tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Ọmọ Okun bíi tèmi ni, láti apá ibi tí Kabba wà. Òun ni alága ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé wọn àtijọ́ tó fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé fún ilé ìwé náà. Ìlú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń gbé, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí Abuja tí ọ̀nà bá dára. Fóònù kékeré kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin rà fún un ló fi ń ka ímeèlì, nígbà tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwọn àgbà. Ìpè kì í sábà wọlé níbi tó ń gbé, ṣùgbọ́n ímeèlì yóò dúró dè é títí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi máa dé. Ọ̀gá tèmi náà ò sì fẹ́ ká fẹnu sọ ohunkóhun fún oníbàárà. Ó ní kí gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, kí ẹnì kankan má baà wá sọ lọ́la pé òun ò gbọ́.

Ìpàdé àkọ́kọ́ yẹ kó wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́wàá. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá pé ọjọ́ náà dúró. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá sọ fún mi bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń ṣú pé òun máa wà ní Èkó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n bá òun sún un di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ṣí ímeèlì tí mo ti fi fìdí ọjọ́ náà múlẹ̀, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fèsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ímeèlì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rò ó. Ta ni èmi tí mo fi máa là á mọ́ àgbàlagbà lójú pé kó má wá? Mo kọ́kọ́ kí i. Mo kí ìyá nílé. Mo bèèrè orúnkún rẹ̀ tó ti sọ fún wa pé ó ń yọ òun lẹ́nu. Mo kí i kú ìnáwó òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Mo dúpẹ́ sùúrù rẹ̀, mo dúpẹ́ pé ó yan ọ́fíìsì wa láàárín ọ̀pọ̀. Nígbà tí mo ti kí i tán, tí ọkàn mi ti balẹ̀, mo wá sọ ọ́ nísàlẹ̀ pátápátá pé ọ̀gá kò ní sí nílé, pé ṣé wọn ò ní bínú tí a bá sún un síwájú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn sí i. Mo ní ta ló máa rí irú èyí tó máa ní a ò bọ̀wọ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù, Bàbá gun àtẹ̀gùn wọlé. Agbádá funfun ló wọ̀, eruku ọ̀nà ti pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ láró. Ó ní "Okun o", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí ara wa nílé, èmi náà kúnlẹ̀, mo dáhùn. Kí n tó dìde ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé ọ̀gá wà ní Èkó, pé mo kọ̀wé. Kò bínú. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó fa fóònù yọ, ó nà án sí mi kí n wò ó.

Mo wò ó, ojú tì mí. Nítorí pé inú èsì ímeèlì àtijọ́ ni mo kọ ọ́ sí, àkọlé tó wà lókè ni "Ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá: ó dúró." Lábẹ́ rẹ̀, ìlà méjì péré ni fóònù náà fi hàn kí èèyàn tó ṣí i, ìkíni sì ni ìlà méjèèjì. Ó tilẹ̀ ṣí i. Ó ka ti ìyàwó rẹ̀, ó ka ti orúnkún rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù dé pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́, ó ń rán òun létí ìpàdé. Aago márùn-ún ìdájí ló wọ mọ́tò.

Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, o kí mi, o kí ìyàwó mi, o kí ẹsẹ̀ mi. Ibo lo ti ní kí n má wá?"

Mo ra omi fún un, mo ra búrẹ́dì àti ẹyin nísàlẹ̀. Nígbà tó jẹun tán, iṣẹ́ olùkọ́ tó ti ṣe fún ọgbọ̀n ọdún sọ jí nínú rẹ̀, ó ní kí n gbé àga mi súnmọ́ òun. Ó ní kí n má fèsì sínú ìwé àtijọ́ mọ́ tí ọjọ́ bá yí padà. Kí n bẹ̀rẹ̀ tuntun, kí àkọlé rẹ̀ sọ pé ọjọ́ ti yí, kí ọjọ́ àtijọ́ àti tuntun wà níbẹ̀. Ó ní ìlà àkọ́kọ́ ni kí n ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n tó tọrọ àforíjì, kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Kí n fún ẹni náà ní ọjọ́ méjì kó mú ọ̀kan, nítorí òun la da ètò rẹ̀ rú, òun ló yẹ kó yan. Kí n sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí n má rojọ́. Kí n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ kan péré dáhùn, kí n lè mọ̀ pé ó rí i, tí n kò bá sì rí ìdáhùn, kí n wá ẹni tó máa bá a sọ ọ́ lójú. Ó ní ọ̀wọ̀ tí òun fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n jẹ́ kí òun mọ̀ kí òun tó wọ bàtà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Bàbá padà sílé lọ́sàn-án yẹn. Wákàtí mẹ́jọ lójú títì fún búrẹ́dì àti ẹyin. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé.

Ìgbà kejì, mo ṣe é bó ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ìpàdé tó wáyé, ọ̀gá tún ti fi aago náà fún ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, mo kọ àkọlé tó yé ọmọdé, mo sọ ọ́ ní ìlà àkọ́kọ́, mo fún un ní ọjọ́ méjì. Ìdí nìkan ló há mi lẹ́nu. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ pé ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá dáhùn láàárín wákàtí kan, ó mú ọjọ́ kan, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ó ní ìwé náà dára, àmọ́ ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ yẹn kò ní ojú, kò ní imú. Tí ìdí bá wà, kí n sọ ọ́, tí kò bá sì ṣeé sọ, kí n fò ó. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ń mákì mi bí ẹni tó ṣì wà ní kíláàsì.

Ìgbà kẹta ni mi ò lè gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti to ìwé àwòrán ilé ìkàwé náà sórí tábìlì ọ̀gá fún ọjọ́ kejì. Ó jáde nínú yàrá rẹ̀, ó ní ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, pé kò sí àkókò mìíràn tí ọkùnrin náà lè wá, kí n bá òun sún ti Bàbá. Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà kẹta nìyí o." Ó ní òun mọ̀. Mo bi í pé kí ni kí n wí.

Ó ní, "Just kọ ọ́ pé ara mi ò yá. Ta ló máa bá aláìsàn jà?"

Mo fẹ́ sọ pé mi ò ní kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹnu mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé oṣù karùn-ún la wà, pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi kù sílẹ̀, ó sì rẹ̀ mí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló mú mi kọ ọ́. Ó ti sú mi láti máa wá ọ̀rọ̀, èyí sì ti wà nílẹ̀.

Mo wo ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkọlé tuntun. Ìlà àkọ́kọ́: ìpàdé ọ̀la kò ní lè wáyé mọ́. Ọjọ́ méjì tí wọ́n lè mú. Nígbà tí mo dé orí ìdí, mo rántí pé Bàbá ní kó ní ojú, kó ní imú, èmi fúnra mi ni mo sì fún un ní ojú àti imú. Ọ̀gá kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo kọ ọ́ pé ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, pé láti ọjọ́ Àìkú ló ti dùbúlẹ̀, pé dókítà ní kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ̀bẹ̀ ní gbólóhùn kan. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Kò tíì sí ímeèlì tí mo kọ tó dára tó yẹn láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé.

Èsì Bàbá dé kí n tó pa kọ̀ǹpútà. Ó ní òun rí i, kí a má ṣèyọnu, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ó gbàdúrà fún ọ̀gá. Ó ní kí n máa rán an létí kó mu omi dáadáa. Mo ka àdúrà náà, ọkàn mi kò lélẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo lọ wọ mọ́tò.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Bàbá ti wà ní Abuja. Nítorí wàhálà ìgbà àkọ́kọ́, ó ti pinnu pé òun á máa wá ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí òun sùn lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní Apo. Ibẹ̀ ló ti ka ímeèlì mi. Ohun tí ó sì yẹ kí n mọ̀, tí ọmọ tí wọ́n bí sí irú ilé tí wọ́n bí mi sí kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀, ni pé tí o bá sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn, kò ní jókòó sílé. Mo rò pé àìsàn máa dá a dúró. Kò wá sí mi lọ́kàn pé àìsàn gan-an ló máa gbé e wá.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá Ọjọ́rú, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sinmi lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá wọlé pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá dúdú kan àti ìgò oyin lọ́wọ́ kejì. Ó ní òun ń padà sílé, àmọ́ òun ò lè kúrò ní Abuja láì kí aláìsàn. Ó ní kí n júwe ilé ọ̀gá fún òun, òun ò ní pẹ́ níbẹ̀, òun kàn fẹ́ fojú kàn án kí òun sì gbàdúrà fún un. Oyin náà, ó ní láti ìlú wa ni, ó dára fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń korò.

Mo dìde, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi dìde. Ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nítorí ooru. Ẹ̀rín rẹ̀ ń jáde, ẹ̀rín ńlá, òun àti ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Bàbá gbọ́ ọ, nítorí ó yí ojú sí ibẹ̀. Kí n tó lè la ẹnu, ọ̀gá jáde, ó ń bèèrè fáìlì kan lọ́wọ́ mi. Ó rí Bàbá, ó dúró gbagidi.

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ó ní, "Ara ti yá. A dúpẹ́."

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé láàárọ̀ yìí gan-an ni ara òun fúyẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó, òun á dá wọn lóhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá ní rárá o, Ọjọ́bọ̀ la jọ fẹnu kò sí. Ó gbé ọsàn àti oyin sórí tábìlì mi, ó ní kí n kó wọn lọ fún àwọn ọmọ mi. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mo sìn ín débi àtẹ̀gùn, mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú nítorí orúnkún, ó rọra fi ọwọ́ rẹ̀ mú irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àkọlé rẹ̀ ni pé ìpàdé Ọjọ́bọ̀ kò ní wáyé mọ́. Ìlà àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní òun sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé kí ọ̀gá lè rí àyè lo àkókò náà fún nǹkan mìíràn. Ó tọrọ àforíjì, ó dúpẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí àwòrán náà, ó kí gbogbo ọ́fíìsì. Kò sí ọ̀rọ̀ ìbínú kan nínú rẹ̀.

Ọ̀gá pè mí wọlé, ara ti tù ú. Ó ní, "O ò rí i? Bàbá ò bínú. Òun náà ló tún sún un yìí."

Mo ní, "Ọ̀gá, kò fi ọjọ́ sí i."

Ó tún un kà. Mo dúró níbẹ̀ títí tó fi kà á tán. Ó ní kí n kọ̀wé, kí n bèèrè ọjọ́ tó bá rọrùn fún wọn, kí n bẹ̀ wọ́n dáadáa, pé mo mọ̀ ọ́n kọ. Mo padà sórí àga mi, mo kọ èyí tó ní kí n kọ, èsì rẹ̀ kò sì dé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi fúnra mi kọ tèmi láti ibi tí wọ́n ti ń ta wákàtí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Jikwoyi, kì í ṣe láti ọ́fíìsì. Mo sọ fún Bàbá pé irọ́ ni mo pa. Mo ní àìsàn nìkan ni ọ̀gá ní kí n kọ, pé èmi ni mo fi ibà sí i, tí mo fi táífọ́ọ̀dù sí i, tí mo fi dókítà sí i. Mo ní mi ò tọrọ ohunkóhun, kí wọ́n kàn dárí jì mí. Mo fi sí ìlà àkọ́kọ́, mi ò kí ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀.

Oṣù kẹfà pé, ọ̀gá ṣe bó ṣe sọ. Kò pariwo lé mi lórí, ó kàn ní iṣẹ́ kò sí. Mo kó agolo bíró mi àti bàtà tí mo máa ń fi sábẹ́ tábìlì. Ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mi ò lè yọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

Èsì Bàbá dé lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kà á ní ìdúró ní ibi íńtánẹ́ẹ̀tì náà, nítorí àga ti kún. Ó ní òun ti dárí jì mí, pé iṣẹ́ ilé ìkàwé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí n má dá ara mi lẹ́bi jù. Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà kan, tí mo sì kà títí ọmọ tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi ní àkókò mi ti tán:

"O kọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́."